Ẹ yin ìwà, ẹ má yin ojú nìkan: Ohun tí oríkì Tìmì Ẹdẹ kọ́ni nípa bí a ṣe ń yin ènìyàn

Òwe méjì kan wà lẹ́nu àwọn Yorùbá tó dà bíi pé wọ́n ń bá ara wọn jà. Èkíní ní, "Yinni yinni, kí ẹni lè ṣe òmíràn." Èkejì ní, "A kì í yin ọmọdé lójú ara rẹ̀, ìfàsẹ́yìn ló ń mú bá a." Ẹni tó bá gbọ́ méjèèjì lọ́jọ́ kan náà lè béèrè èwo ni kí òun tẹ̀ lé, nítorí èkíní ní ká yinni, èkejì ní ká pa ẹnu mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ wò wọ́n, ìjà kọ́ ni wọ́n ń jà. Òwe kìíní mẹ́nu kan iṣẹ́: ẹni tí a yìn ti ṣe nǹkan, a sì fẹ́ kó tún un ṣe. Òwe kejì ń kìlọ̀ nípa ìyìn tí a kàn dà lé ọmọ lórí láìsí ohun tó ṣe. Ohun tí à ń yìn ló ń sọ bóyá ìyìn náà yóò gbé ènìyàn ró tàbí yóò fà á sẹ́yìn.

Ní ìlú Ẹdẹ, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ojú àti ara ni ìkíni sábà máa ń kọ́kọ́ bà lé. Ẹni tó ti àjò dé yóò gbọ́ pé, "O mà ti sanra o, ayé ń yẹ ọ́." Ẹni tó lọ síbi ìgbéyàwó yóò gbọ́ pé, "Ẹ mà rẹwà o, aṣọ yín dáa." Ọmọbìnrin tó wálé fún ọlidé yóò gbọ́ pé òun ti pupa sí i. Kò sí èyí tó jẹ́ èébú nínú gbogbo rẹ̀. Láyé àtijọ́, ara tó kún jẹ́ àmì pé ènìyàn rí jẹ, ara rẹ̀ sì le, nítorí náà ẹni tó ní "o sanra" ń bá ọ dúpẹ́ ni. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé, bí ó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ni ènìyàn ń gbọ́ láti kékeré títí tó fi dàgbà, yóò gbà pé ìyẹn nìkan ni àwọn ènìyàn ń wò lára òun.

Ara kì í sì í dúró sójú kan. Ẹni tí wọ́n yìn lọ́dún tó kọjá pé ó sanra lè ṣàìsàn lọ́dún yìí kó rù, yóò sì máa sá fún ìpàdé ẹbí nítorí ohun tí wọ́n máa sọ. Ọmọbìnrin tí wọ́n ń yìn ní gbogbo ìgbà pé ó pupa lè bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìpara tí ń bó àwọ̀, kí ìyìn náà má baà dúró. Kò sẹ́ni tó rán an, ìyìn ló rán an. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá gbé jáde lọ́dún 2009 nípa àwọn obìnrin fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ hàn. Wọ́n rí i pé àwọn obìnrin tí inú wọn máa ń dùn gan-an bí wọ́n bá yin ìrísí wọn, àwọn náà ló tún ń ṣọ́ ara wọn jù, tí ara wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ́ wọn lọ́rùn. Ìwádìí náà kò sọ pé ìyìn ló fa gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ìyìn tó dùn lẹ́nu lè bá àníyàn rìn pọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń yin ènìyàn lọ́nà mìíràn kò nílò láti jìnnà sí Ẹdẹ, nítorí orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ joyè Tìmì níbẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́. Ìtàn sọ pé ní ayé Aláàfin Kọ̀rí, àwọn Ìjẹ̀ṣà ń dí àwọn oníṣòwò tó ń lọ sí Apòmù lọ́nà, wọ́n ń jí àwọn ènìyàn gbé nínú oko. Aláàfin wá yan ọdẹ kan tó mọ ọfà ta dáadáa pé kó lọ dúró lójú ọ̀nà náà, kó máa dáàbò bo àwọn èrò. Ibi tó tẹ̀ dó sí ló di Ẹdẹ. Àgbàlé ni wọ́n ń pè é, oríkì tó sì tẹ̀ lé orúkọ rẹ̀ títí dòní ni Ọlọ́fà-iná, nítorí ọfà oníná tí wọ́n ní ó ń ta.

Kí ni oríkì yẹn sọ? Kò sọ bóyá Àgbàlé ga tàbí ó kúrú, bóyá ó dúdú tàbí ó pupa. Ohun tó fi ṣiṣẹ́ tí wọ́n rán an ni wọ́n dárúkọ. Ẹni tó bá gbọ́ "Ọlọ́fà-iná" yóò béèrè ọfà wo, ogun wo, ta ló gbà sílẹ̀? Ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyẹn ni ìtàn ìlú. Ojú Àgbàlé ti dèéfín, kò sẹ́ni tó lè ya àwòrán rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe ṣì wà lẹ́nu ọmọ Ẹdẹ.

Ìlú Ẹdẹ kan náà yìí ló mú Ọba John Adétóyèṣe Láoyè Kìn-ín-ní jáde, Tìmì tó wà lórí ìtẹ́ láti ọdún 1946 di ọdún 1975. Ọba tó mọ ìlù lù fúnra rẹ̀ ni, ó sì kọ àpilẹ̀kọ lórí àwọn ìlù Yorùbá sínú ìwé àtìgbàdégbà Odù lọ́dún 1959. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ìlù dáadáa bíi tirẹ̀ mọ ìyàtọ̀ kan tí ẹni tó bá lọ òde ìnáwó lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Onídùndún tó mọ ènìyàn yóò fi ìyáàlù pe orúkọ baba rẹ̀, yóò mẹ́nu kan ìdílé rẹ̀ àti ohun tí wọ́n gbé ṣe. Orí ẹni náà yóò wú, yóò sì dìde dúró. Ṣùgbọ́n onílù tí kò mọ ènìyàn rí, tó jẹ́ pé agbádá ló rí, yóò kàn máa lu "ọlọ́lá, olówó, ọ̀gá àwọn ọ̀gá." Ohun kan náà ló máa lù fún ẹni tó bá tún wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń lù ú fún lè fún un lówó, ṣùgbọ́n ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé kì í ṣe òun gan-an ni wọ́n ń kì.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín onílù méjèèjì náà ló wà láàárín ìyìn àtọkànwá àti ìyìn tí ènìyàn kàn ń tún sọ ṣáá. "O rẹwà" kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí pàápàá lè sọ ọ́. "O kì í fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú ìṣòro" kò ṣeé sọ àfi bí ẹni tó ń sọ ọ́ bá ti wà níbẹ̀, tó sì ti rí ọ.

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ kan níhìn-ín o. Oríkì kò kọ ẹwà ara sílẹ̀. Wọ́n ń ki adúmáadán, wọ́n ń ki ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, wọ́n sì ń ki ẹni tó ga fíofío. Bẹ́ẹ̀ sì ni oríkì kì í ṣe ìyìn lásán. Ọ̀jọ̀gbọ́n Karin Barber, tó gbé ìlú Òkukù ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan náà fún ọdún díẹ̀ láti kọ́ nípa oríkì, ṣàlàyé nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1991 pé ohunkóhun tó bá mú ènìyàn yàtọ̀ lè wọ inú oríkì rẹ̀, títí kan ohun tí kò dára létí. Ìdí nìyẹn tí oríkì fi ní ìwúwo. Ẹnu tó lè sọ àléébù ni ènìyàn máa ń gbà gbọ́ nígbà tó bá sọ ìwà rere.

Kí ló dé tí ìyìn ìwà fi ń ṣiṣẹ́ ju ìyìn ojú lọ? Ìwádìí méjì tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọdé lókè òkun tan ìmọ́lẹ̀ sí i.

Lọ́dún 1980, Joan Grusec àti Erica Redler gbé èkíní jáde láti ìlú Toronto ní ilẹ̀ Kánádà. Wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọdé jẹ gíláàsì róbótó tí ọmọdé fi ń ṣeré nínú eré kan, wọ́n sì mú kí wọ́n fún àwọn ọmọ aláìní lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n sọ fún àwọn kan pé ohun tí wọ́n ṣe yẹn dára. Wọ́n sọ fún àwọn mìíràn pé ó hàn gbangba pé ẹni tó fẹ́ràn láti máa ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ ni wọ́n. Nígbà tí àyè láti ṣàánú tún yọ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, àwọn ọmọ ọdún 8 tí wọ́n fi ìwà pè ṣàánú ju àwọn tí wọ́n yin iṣẹ́ wọn nìkan lọ. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ ọdún 5. Ó jọ pé wọ́n ṣì kéré jù láti mọ̀ pé ìwà jẹ́ ohun tó ń bá ènìyàn gbé láti òní dé ọ̀la. Fún ọmọ kékeré bẹ́ẹ̀, "o ṣeun tí o fún un ní bisikíìtì rẹ" ti tó.

Ìwádìí kejì ni ti Claudia Mueller àti Carol Dweck lọ́dún 1998, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n fún àwọn ọmọ bí ọdún 10 sí 11 ní iṣẹ́ ọpọlọ tó rọrùn. Wọ́n yin àwọn kan pé ọpọlọ wọn pé, wọ́n sì yin àwọn mìíràn pé wọ́n ṣiṣẹ́ kára. Nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ tó le dé, tí gbogbo wọn kùnà, àwọn tí wọ́n ti yin ọpọlọ wọn rẹ̀wẹ̀sì. Púpọ̀ nínú wọn tún purọ́ nípa máàkì tí wọ́n gbà nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n kọ ọ́ fún ọmọ mìíràn. Àwọn tí wọ́n yin ìsapá wọn kò fi bẹ́ẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

Ẹni tó bá yára kà á lè rò pé ìwádìí méjèèjì ta ko ara wọn, nítorí èkíní yin ẹni tí ọmọ jẹ́, ó sì dára, èkejì yin ẹni tí ọmọ jẹ́, ó sì bàjẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé inú àánú ni ìpinnu wà. Ọmọ tí wọ́n pè ní aláàánú mọ ohun tó lè ṣe lọ́la láti tún jẹ́ aláàánú. Ọmọ tí wọ́n pè ní ọlọ́pọlọ kò mọ ohun tó lè ṣe bí iṣẹ́ bá le, àfi kó fi ìkùnà rẹ̀ pamọ́. Ẹ̀yìn ọpọlọ sì ni ẹwà tò sí. Ẹni tí wọ́n ń yìn nítorí ojú rẹ̀ kò lè sapá kí ojú náà má gbó, ohun tó kù fún un ni kó máa bẹ̀rù.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lè rí ní Ẹdẹ gan-an. Ká ní ọmọbìnrin kan wà, ọmọ ọdún 14, tó máa ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Ọjà Tìmì. Ọmọ náà lẹ́wà, gbogbo oníbàárà ló sì ń sọ ọ́. Àbúrò ìyá rẹ̀ wá kí wọn láti Ìbàdàn, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Oníbàárà kan wá ra àǹkárá tí wọ́n pè ní ọ̀pá márùn-ún. Nígbà tí ọmọ náà ń ká a, ó rí i pé ó dín ní ààbọ̀ ọ̀pá, ó sì sọ fún ìyá náà kó tó mú owó jáde. Ìyá náà kò ra ìyẹn mọ́, ó mú aṣọ mìíràn tó pé.

Bí àǹtí náà bá sọ lálẹ́ pé, "Ọmọ mi, o mà ń rẹwà sí i o," ọmọ náà yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Ẹ ṣé, mà." Ó ti gbọ́ ọ ní ìgbà mẹ́wàá lọ́jọ́ náà. Bí ó bá ní, "Ọmọ dáadáa ni ọ́," ìyẹn sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò mọ ohun tí àǹtí rí. Ó tiẹ̀ lè máa ro èyí tí kò dára tó ti ṣe tí àǹtí kò mọ̀, kí ìyìn náà sì dà bí irọ́ létí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí àǹtí bá pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ní, "Mo rí ọ nígbà tí o sọ fún ìyá yẹn pé aṣọ náà kò pé. Kò bá má mọ̀ títí yóò fi gbé e dé ọ̀dọ̀ télọ̀. Olóòótọ́ ni ọ́. Ẹni tí o ṣe bẹ́ẹ̀ fún lè rán ọmọ kékeré wá ra aṣọ níbí, kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀," ohun mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Àkọ́kọ́ ni ohun tí àǹtí fi ojú ara rẹ̀ rí. Èkejì ni orúkọ ìwà náà, èyí tí í ṣe òtítọ́. Ẹ̀kẹta ni ohun tí ìwà náà ṣe fún ẹlòmíràn. Lẹ́yìn èyí, kí àǹtí dákẹ́. Kò gbọdọ̀ so ìwàásù mọ́ ọn, kò sì gbọdọ̀ fi ọmọ náà wé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ní, "Ká ní ẹ̀gbọ́n rẹ lè dà bí tìrẹ," ìyìn ti di ìjà nínú ilé.

Àkókò àti ibi tí ènìyàn ti sọ ọ́ ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Ó dára kí ìyìn jáde nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì tutù, lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Bí ìyá ọmọ náà bá wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tú aṣọ náà, tí owó sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò ní dára kí àǹtí yin ọmọ lójú oníbàárà bí ẹni tó ń bá ìyá wí. Ẹ̀gbẹ́ kan ló yẹ irú ìyìn bẹ́ẹ̀.

Ti àgbàlagbà yàtọ̀. Ọmọdé kì í wo àgbà lójú kó ní, "Ìwà yín dára," bí ẹni pé òun ni olùkọ́ tó ń fún un ní máàkì. Ọ̀nà tó bá àṣà mu ni kí ọmọdé jẹ́rìí sí ohun tí òun kọ́ lára rẹ̀. Ó lè ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, mà, pé a kì í jẹ gbèsè alágbàṣe mọ́jú. Lọ́jọ́ tí mo rí i tí ẹ dá owó náà kó tó béèrè ni mo mọ̀ ọ́n." Ìdúpẹ́ ló jẹ́ létí, ṣùgbọ́n ìyìn ìwà ni. Láàárín ọ̀gá àti òṣìṣẹ́, pàápàá bí ọ̀gá bá jẹ́ ọkùnrin tí òṣìṣẹ́ sì jẹ́ obìnrin, ìyìn ojú tilẹ̀ lè da ọkàn ẹni rú, nítorí kò ní mọ ohun tí ọ̀gá ń fẹ́. "Ìwé ìṣirò tí o ṣe kò ní àbùlà, mo sì lè fi ọwọ́ mi sí i láìbẹ̀rù" kò fa irú iyèméjì bẹ́ẹ̀.

Àwọn ibì kan wà tí ìyìn ìwà pàápàá ti lè ṣìnà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ìyìn tó ní ẹ̀bẹ̀ nídìí. "Ọ̀làwọ́ ni yín, sà," tí "ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá" tẹ̀ lé, ìyìn ẹ̀tàn ni. Ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ tọrọ, kó tọrọ rẹ̀ lọ́tọ̀, kó fi ìyìn sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Ọ̀nà kan tí ènìyàn fi lè dán ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò ni kó bi ara rẹ̀ bóyá òun lè sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún ẹni mẹ́ta mìíràn lọ́jọ́ náà láìyí nǹkan kan padà. Bí ó bá lè sọ ọ́, kò tíì rí ẹni tó ń yìn.

Ibi tó léwu jù ni ìyìn sùúrù. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló wà tí ọkọ ń lù, tí ẹbí sì ń yìn wọ́n pé, "Onísùúrù ni ìyàwó wa, a kì í gbọ́ ohùn rẹ̀." Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í sinmi, tí wọ́n ń sọ fún gbogbo àlejò pé kì í ráhùn. Òótọ́ ni pé ìwà ni sùúrù. Ṣùgbọ́n ìyìn tó ń mú kí ènìyàn dúró síbi tí wọ́n ti ń pa á lára ti di okùn ní ọrùn rẹ̀. Ọ̀nà tí a fi lè mọ̀ ọ́n ni kí a béèrè ta ni ìwà náà ń ṣe láǹfààní. Òtítọ́ ọmọ ọlọ́jà yẹn ṣe oníbàárà láǹfààní, ó sì fún òun fúnra rẹ̀ ní iyì. Sùúrù ẹni tí wọ́n ń lù, ẹni tó ń lù ú nìkan ló ṣe láǹfààní.

Kò sẹ́ni tó ní kí ènìyàn má sọ mọ́ pé aṣọ ẹnì kan dára tàbí pé ara rẹ̀ ń dán. Ìkíni ni, ó sì ń mú inú dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti kí ènìyàn kan báyìí lẹ́ẹ̀mẹta láìtíì sọ ohun kan nípa ìwà rẹ̀ lè dúró díẹ̀ kó ronú: kí ni mo ti rí i tí ẹni yìí ṣe? Bí kò bá rí nǹkan kan sọ, kò túmọ̀ sí pé ẹni náà kò níwà. Ó lè jẹ́ pé òun ni kò tíì wò ó dáadáa, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ìyìn náà ti bẹ̀rẹ̀.